Álàátì Iṣẹ́: Bí Ẹ Bá Ṣe Rán An Ni Yóò Jẹ́ Ẹ

Ìkéde iṣẹ́ kì í pẹ́ gbó. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Èkó tó ń wá ẹnì kan ṣoṣo lè gba ìwé ìwáṣẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ju èyí tó lágbára láti kà lọ, kó sì gbé ìkéde náà kúrò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìkéde ilé ìwòsàn ìjọba, NHS, ló ń sọ ọ́ gbangba pé bí ìwé ìwáṣẹ́ bá ti pọ̀ tó, àwọn lè kógbá sílé kí ọjọ́ tí àwọn dá tó pé. Ọjọ́ ìparí tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò wá jẹ́ ìlérí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣí ìkànnì ìkéde iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ló máa ń bá.

Nígbà kan, ìwé ìròyìn ni àwọn tó ń wáṣẹ́ ń lọ yẹ̀ wò lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀. Lọ́dún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, dá ìkànnì Jobberman sílẹ̀, ìkéde iṣẹ́ ní Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí bébà bọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára. Lónìí, Jobberman, MyJobMag àti LinkedIn wà lárí fóònù ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, gbogbo wọn ló sì lè fi íméèlì ránṣẹ́ sí yín nígbà tí iṣẹ́ tuntun bá jáde. Álàátì la ń pe íméèlì yìí. Ọ̀pọ̀ ló ti tan án, tí wọ́n sì ti pa á tì, wọ́n ní kò wúlò. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àwárí tí wọ́n fi pamọ́ ló máa ń ní àbùkù, kì í ṣe álàátì.

Ohun tí álàátì ń ṣe gan-an

Ẹ wọ ìkànnì, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ sínú àpótí àwárí, ẹ yan ìlú, ẹ sì wo èsì. Bí ẹ bá fi àwárí yẹn pamọ́, ìkànnì náà yóò máa tún un ṣe fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò sì kó ìkéde tuntun tó bá a mu ránṣẹ́ sí yín. Kò mọ ìwé tí ẹ kà, kò mọ ibi tí ẹ lè lọ àti ibi tí ẹ kò lè lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Álàátì kò ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe rán an gẹ́lẹ́ ni yóò jẹ́ ẹ, lójoojúmọ́, títí ẹ ó fi pa á.

Nítorí náà, ibi tí iṣẹ́ wà ni àwárí fúnra rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì álàátì rárá. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká sọ pé ọmọbìnrin kan gba ìwé ẹ̀rí HND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn àgùnbánirọ̀, Ìbàdàn ló ń gbé, ó sì ṣe tán láti kó lọ sí Èkó bí iṣẹ́ bá yọ níbẹ̀. LinkedIn ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ sí ni kó kọ "accountant", kó kọ "Nigeria", kó sì tan "Set alert". Bó bá dọjọ́ kejì, íméèlì rẹ̀ yóò kún fún iṣẹ́ Àbújá àti Port Harcourt, fún iṣẹ́ ọ̀gá tó ń béèrè ìrírí ọdún mẹ́wàá. Iléeṣẹ́ tó wà ládùúgbò rẹ̀ tó ń wá "accounts assistant" lè má sí níbẹ̀ rárá, nítorí kò sọ orúkọ yẹn fún ẹ̀rọ.

Orúkọ iṣẹ́ kan kì í ṣe ẹyọ kan

Iṣẹ́ kan náà ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń pè ní oríṣiríṣi orúkọ. Ohun tó yẹ kí ọmọbìnrin wa kọ́kọ́ ṣe ni kó ka nǹkan bí ogún ìkéde tó bá ohun tó kọ́ mu, kó sì ṣàkọsílẹ̀ orúkọ tí wọ́n fi pe iṣẹ́ náà, kó má fi orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìkan ṣe é. Yóò rí i pé mẹ́rin nínú àwọn orúkọ náà ń padà wá léraléra. Ó lè kó gbogbo wọn sínú àwárí kan ṣoṣo báyìí:

```
"accountant" OR "accounts officer" OR "accounts assistant" OR "finance officer"
```

OR ń sọ fún ẹ̀rọ pé èyíkéyìí nínú wọn tẹ́ òun lọ́rùn. Àmì àyọlò ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ kí ẹ̀rọ má baà máa wá "finance" lọ́tọ̀ àti "officer" lọ́tọ̀, nítorí "officer" nìkan lè kó iṣẹ́ ọlọ́dẹ iléeṣẹ́ wá. Nǹkan méjì ló máa ń ba èyí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé lẹ́tà ńlá ni a gbọ́dọ̀ fi kọ OR. Bí a bá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, LinkedIn yóò kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Èkejì ni àmì àyọlò tó tẹ̀ kọrọdọ. Bí ẹ bá ṣe àdàkọ àwárí yìí láti inú WhatsApp tàbí ìwé tí ẹ tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, àmì tó tẹ̀ ló sábà máa ń bá a wá, LinkedIn kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ yín tẹ èyí tó dúró ṣánṣán.

Orúkọ kan wà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ sílẹ̀: "account officer", tí kò ní lẹ́tà s. Ní báńkì àti ní àwọn báńkì kéékèèké tó ń yáni lówó, ẹni tó ń lọ wá oníbàárà kiri, tó ń kó owó ìfipamọ́ wá, tó sì ń lépa ẹni tó jẹ gbèsè, ni wọ́n sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ mìíràn ń pe ẹni tó ń kọ ìwé owó rẹ̀ ní orúkọ yìí kan náà. Bí ọmọbìnrin wa bá fi í sínú àwárí àkọ́kọ́, iṣẹ́ báńkì yóò bo gbogbo èsì mọ́lẹ̀. Bó bá sì yọ ọ́ pátápátá, iṣẹ́ gidi yóò bọ́. Àwárí kejì ló máa yanjú rẹ̀:

```
"account officer" AND reconciliation
```

Reconciliation ni fífi ìwé owó iléeṣẹ́ wé ti báńkì láti rí i pé méjèèjì bára mu. Ẹni tó ń wá akọ̀wé owó kì í sábà gbàgbé láti dárúkọ rẹ̀ nínú ìkéde. Ẹni tó ń wá ẹni tí yóò máa wá oníbàárà kiri kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ló ní irú ọ̀rọ̀ báyìí, tí ẹni tó ń ṣe é gan-an kò lè yẹra fún. Bí orúkọ iṣẹ́ yín bá jẹ́ orúkọ tí iṣẹ́ mìíràn náà ń jẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ fi so ó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ máa ń sáré lò, ìyẹn NOT, tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó yọ nǹkan kúrò. Ọmọbìnrin wa lè rò pé kí òun kọ NOT manager, kí iṣẹ́ ọ̀gá má baà máa wá. Ewu rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ kì í wo àkọlé nìkan, ó ń ka àlàyé iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ìkéde tó dára fún un lè sọ pé ọ̀dọ̀ "finance manager" ni òṣìṣẹ́ náà yóò ti máa jábọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn yóò sì gbé iṣẹ́ náà lọ láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé ó wà rí. Ohun tí NOT bá yọ, a kì í rí i, nítorí náà a kì í mọ ohun tí a pàdánù. Àyàfi bí ọ̀rọ̀ náà kò bá lè wọ inú ìkéde iṣẹ́ yín lọ́nàkọnà, ẹ má fi NOT kún un.

Ìlú àti asẹ́

Lórí ọ̀rọ̀ ìlú, àwárí "Nigeria" gbòòrò jù fún un, "Ibadan" nìkan sì há jù. Ohun tó dára ni kó tọ́jú álàátì Ìbàdàn lọ́tọ̀, kó tọ́jú ti Èkó lọ́tọ̀. Ìdí tí a fi yà wọ́n ni pé iṣẹ́ Èkó pọ̀ lójúmọ́, ti Ìbàdàn kò sì tó nǹkan. Bí a bá dà wọ́n pọ̀, ìkéde Ìbàdàn kan ṣoṣo tó jáde lọ́jọ́ yẹn lè wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú kì í dé. Jobberman ti ya àwọn ìlú sọ́tọ̀ ní tirẹ̀: ẹ ó rí "Ibadan & Oyo State" láàárín ibi tí ẹ lè yàn, ẹ ó sì rí ẹ̀ka iṣẹ́ tó ń jẹ́ "Accounting, Auditing & Finance". Níbẹ̀, ẹ̀ka ni ẹ ń yàn, nítorí náà wàhálà orúkọ iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

LinkedIn tún ní àwọn asẹ́ tó ń yọ èyí tí kò bá yín mu. Ní "Experience level", ọmọbìnrin wa lè yan "Internship", "Entry level" àti "Associate". Kó má ṣe yan "Entry level" nìkan, nítorí ẹni tó gbé ìkéde síta ló ń yan ipele yìí, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń fara balẹ̀ yàn án. Asẹ́ tó ń ṣèpalára jù lọ ni "Easy Apply". Iṣẹ́ tí ènìyàn lè béèrè fún láì kúrò lórí LinkedIn nìkan ni ó ń fi hàn. Gbogbo iléeṣẹ́ tó ní kí ẹ wá kọ fọ́ọ̀mù lórí ìkànnì àwọn fúnra wọn ni yóò pòórá. Bí ẹ bá ti tàn án lọ́jọ́ kan nítorí pé ẹ ń kánjú, tí ẹ wá fi àwárí náà pamọ́ láì pa á, inú álàátì yín ni yóò máa gbé lọ.

Nígbà tí ohun gbogbo bá ti tò, ẹ má tíì tẹ "Set alert". Ẹ ka ìkéde mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú èsì. Mélòó nínú wọn ni ẹ lè fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ sí lónìí láì tijú? Bí wọ́n bá tó márùn-ún, ẹ fi í pamọ́. Bí wọn kò bá ju méjì lọ, ohun tí íméèlì yín yóò máa rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ padà lọ tún àwárí náà ṣe.

Álàátì ojoojúmọ́ kò yá tó bí ẹ ṣe rò

Bí ẹ bá tan álàátì LinkedIn, yóò bi yín bóyá lójoojúmọ́ ni ẹ fẹ́ ẹ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti bóyá íméèlì ni, tàbí ìfitónilétí lórí fóònù, tàbí méjèèjì. "Daily" ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì gba méjèèjì. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí "Daily" jẹ́: ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni. Ìkéde tó jáde kété lẹ́yìn tí íméèlì òní ti lọ yóò dúró de tọ̀la. Fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, èyí kò burú. Fún iṣẹ́ tí ogunlọ́gọ̀ ń dù, bí iṣẹ́ ilé-ilé tí ẹni tó wà níbikíbi lè ṣe, odindi ọjọ́ kan ti pọ̀.

Ohun tó lè dí àlàfo yìí ni kí ẹ fi líǹkì àwárí náà pamọ́ sínú Chrome lórí fóònù yín, kí ẹ máa ṣí i fúnra yín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Líǹkì náà rí báyìí:

```
https://www.linkedin.com/jobs/search/?keywords=accountant&location=Nigeria&f_TPR=r86400
```

Ẹ wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. 86400 ni iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú wákàtí 24, ó sì ń sọ fún LinkedIn pé ìkéde tí kò tíì ju ọjọ́ kan lọ nìkan ni kó fi hàn. Bí ẹ bá yí i sí 21600, wákàtí mẹ́fà ni. Àwọn tó ń wáṣẹ́ ti ń lo ọgbọ́n yìí tipẹ́, nítorí asẹ́ "Date posted" tó wà lójú ìwé kò ní èyí tó kéré ju wákàtí 24. Bí ẹ bá sì rí ọ̀rọ̀ "Reposted" lára ìkéde kan, ẹ mọ̀ pé ìkéde àtijọ́ ni wọ́n tún gbé jáde. Kì í ṣe tuntun, àwọn ènìyàn sì ti lè kọ ìwé sí i ṣáájú yín.

Íméèlì tó dé tí ẹ kò rí

Àwọn kan yóò ṣe gbogbo èyí láṣepé, wọn kò sì ní rí álàátì kankan. Ó ń dé, àmọ́ Gmail ti kó o sí "Promotions" tàbí "Spam". Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ ṣe òfin fún Gmail. Áàpù Gmail orí fóònù kò ní ibi tí a ti ń ṣe é, nítorí náà ẹ lo kọ̀ǹpútà; ti káfẹ́ náà tó, bí ẹ bá ti lè rántí jáde kúrò nínú íméèlì yín lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ àmì tó wà lápá ọ̀tún inú àpótí àwárí Gmail, ẹ kọ àdírẹ́sì tí álàátì ń ti wá sí iwájú "From". Ti LinkedIn ni:

```
jobalerts-noreply@linkedin.com
```

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ "Create filter", ẹ sàmì sí "Never send it to Spam", kí ẹ sì yan "Primary" níwájú "Categorize as". Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń lò. Ẹ ṣí ọ̀kan nínú íméèlì tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ rí láti wo àdírẹ́sì wọn gan-an.

Ìkànnì iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀

Iléeṣẹ́ ńláńlá kan máa ń gbé iṣẹ́ sórí ìkànnì tiwọn kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, àwọn mìíràn kì í sì gbé e síbòmíràn rárá. Bí iléeṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wà tó wù yín gan-an, ẹ lọ sí ojú ewé "Careers" wọn, ẹ wá bọ́tìnì tó ń jẹ́ "Create Alert" tàbí "Job Alerts". Ẹ ṣọ́ ohun kan níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ irú ìkànnì báyìí, àpótí kékeré kan máa ń béèrè pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó ni kí wọ́n máa kọ̀wé sí yín, nọ́ńbà tó sì máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni 7. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí i. Ẹ pa 7 rẹ́, kí ẹ kọ 1. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìkéde lè pé ọ̀sẹ̀ kan lórí ìkànnì kí ẹ tó gbọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì

Àwárí tó dára lónìí lè nílò àtúnṣe lọ́la. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wo ohun tí álàátì kọ̀ọ̀kan ti mú wá. Bí ọ̀kan kò bá mú nǹkan kan wá, ẹ fẹ̀ ẹ́: ẹ yọ asẹ́ kan kúrò, tàbí kí ẹ fi orúkọ iṣẹ́ mìíràn kún un. Ẹ má yọ asẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹ kò ní mọ èyí tó fa ìṣòro. Bí òmíràn bá ń kó pàǹtí wá, ẹ ka àkọlé àwọn iṣẹ́ tí kò wúlò náà, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan nínú àwárí yín ló ń pè wọ́n. Òun ni kí ẹ tún ṣe. LinkedIn gbà yín láyè láti ní álàátì tó tó 20, àmọ́ ẹni tó bá ní ogún kò ní ka ìkankan. Mẹ́rin ti tó ọmọbìnrin wa: àwárí méjèèjì fún Ìbàdàn, àwọn méjèèjì kan náà fún Èkó.

Àwọn gbájú-ẹ̀ náà mọ̀ pé ẹni tó ń retí álàátì máa ń yára tẹ líǹkì. Wọn a kọ íméèlì tó jọ ti ìkànnì ìkéde iṣẹ́, wọn a yí lẹ́tà kan padà nínú àdírẹ́sì. Bí ara bá fu yín, ẹ má tẹ ohun tó wà nínú íméèlì náà; ẹ ṣí áàpù tàbí ìkànnì náà fúnra yín, kí ẹ wá iṣẹ́ náà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pa íméèlì náà rẹ́. Bí ó bá sì wà níbẹ̀, tí ẹnì kan wá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, olè ni. Ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìkànnì náà kí ẹlòmíràn má baà kó sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní álàátì lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀, ẹ ṣí i lálẹ́ òní. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tí ẹ fi rán an níṣẹ́, ẹ wò ó bóyá "Easy Apply" wà níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá "Weekly" ni. Kò ní gbà yín ju ìdajì wákàtí lọ láti tún un ṣe, òun ni yóò sì pinnu irú iṣẹ́ tí yóò máa wá bá yín láti àárọ̀ ọ̀la lọ.